Ọmọ mẹ́ta gba ipò kìíní nínú ṣíìtì èsì mi, kò sì sí ẹni tó gba ipò kẹrin

TíṣàKíláàsìKarùn-ún:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ 38 ni mo ní, ṣùgbọ́n ipò tí ṣíìtì mi ń gbé jáde kò yé mi mọ́. Mo kó mẹ́fà péré lọ sínú ṣíìtì tuntun láti dán an wò, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Kọ́lọ́ọ̀mù H ni àpapọ̀ máàkì iṣẹ́ mẹ́fà, kọ́lọ́ọ̀mù I sì ni ipò:

```
ìlà    H     I
2     412    3
3     455    1
4     398    3
5     431    1
6     376    2
7     405    1
```

Mo fọwọ́ ka ipò ọmọ àkọ́kọ́, ẹni-kẹta ni lóòótọ́. Àwọn tó kù ńkọ́? Ẹni tó gba 405 kò lè jẹ́ ẹni-kìíní láéláé. Kí ni mo ṣe?

Ọ̀dọ́_Oníṣirò:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí máàkì wọn dọ́gba nìyẹn. Tí ẹni méjì bá ní máàkì kan náà, ipò kan náà ni Excel máa fún wọn, lẹ́yìn náà á fo ipò tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi máàkì Ìṣirò yà wọ́n sọ́tọ̀, ó parí.

TíṣàKíláàsìKarùn-ún:
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ tún àwọn máàkì náà wò. Kò sí méjì tó dọ́gba níbẹ̀.

ÀǹtíOníṣíìtì:
Tíṣà, ọmọ àkọ́kọ́ lẹ yẹ̀ wò, òun gan-an sì ni kò lè ní àṣìṣe. Ẹ lọ sí ìlà ìkẹ́yìn. Ẹ tẹ I7, kí ẹ tẹ F2 lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ wá sọ fún wa ibi tí àpótí aláwọ̀ yẹn yí ká. Ẹ kọ fọ́múlà I2 àti ti I7 síbí pẹ̀lú, bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

TíṣàKíláàsìKarùn-ún:
Àwọn rèé:

```
I2:  =RANK(H2,H2:H7)
I7:  =RANK(H7,H7:H12)
```

Áà. Àpótí náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ ìkẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó sì lọ sísàlẹ̀ síbi tí kò sí nǹkan kan. Mo kọ èyí àkọ́kọ́, mo wá fà á wálẹ̀. Ṣé kò yẹ kó dúró sí H2 sí H7 ni?

ÀǹtíOníṣíìtì:
Kò ní dúró tí ẹ kò bá so ó mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá kọ H2:H7 sínú fọ́múlà lásán, ohun tí Excel gbọ́ ni "bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tí mo wà, kí o ka mẹ́fà lọ sísàlẹ̀." Ní I3 ó di H3:H8, ní I4 ó di H4:H9, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yọ̀ lọ. Gbogbo ọmọ tó wà lókè ti bọ́ síta. Ọmọ ìlà 7 wá ń bá ara rẹ̀ nìkan díje, ta ni kò ní gbé ipò kìíní nínú eré tó ń dá sá?

Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ìlà 2 rí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìdí nìyẹn tí 3 tó gbé jáde fi jẹ́ òótọ́, òun náà ló sì tàn yín jẹ. Ìlà 3, 455, ló ga jù pátápátá, kò sí ohun tó lè bà á jẹ́. Ìlà 4 ní 398, àwọn tó rí kò ju 398, 431, 376 àti 405 lọ, ó wá ṣe kẹta. 412 àti 455 tó wà lókè rẹ̀ kò sí lójú rẹ̀, karùn-ún ló yẹ kó jẹ́. Ìlà 5, 431, kò rí 455, ó di kìíní dípò kejì. Ìlà 6, 376, òun ló kéré jù nínú gbogbo wọn, ẹni kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó di kejì nínú méjì! Ìlà 7 kò rí ẹnikẹ́ni.

Ipò tó tọ́ láti òkè dé ilẹ̀ ni 3, 1, 5, 2, 6, 4. Fọ́múlà tó yẹ kó wà ní I2 kí ẹ tó fà á rèé:

```
=RANK(H2,H$2:H$7)
```

Dọ́là tó wà níwájú nọ́ńbà ìlà ló ń dè é. H2 àkọ́kọ́ kò ní dọ́là, nítorí pé òun gbọ́dọ̀ máa bá ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan tó ń bà mí lẹ́rù nínú àṣìṣe yìí ju àwọn yòókù lọ. Kì í ba ipò ọmọ jẹ́, ńṣe ló máa ń tún un ṣe. Kò lè mú ẹnikẹ́ni wálẹ̀, àwọn tó ju ọmọ lọ nìkan ló ń pa rẹ́. Nítorí náà, kò sí òbí tó máa wá bá yín jà pé ipò ọmọ òun ti dára jù.

Akọ̀wéÌdánwò:
Ọ̀rọ̀ ÀǹtíOníṣíìtì yìí ta mí lára o. Orúkọ ni a fi ń to ọmọ ní tiwa, A dé Y. Ẹ jẹ́ kí n béèrè: ṣé àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ ló ń jèrè nìyẹn?

ÀǹtíOníṣíìtì:
Àwọn gan-an ni. Bí orúkọ bá ṣe lọ sísàlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iye ẹni tí wọ́n ń bá díje ṣe ń dín kù. Tí ẹ bá wo èsì kíláàsì kan tí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, W àti Y gbé ipò ńlá ńlá, ẹ lọ yẹ dọ́là wò kí ẹ tó kí wọn kú oríire.

Ọ̀nà tí ẹ gbà to ṣíìtì ló máa sọ bóyá ẹ máa rí àṣìṣe náà rárá. Tí ẹ bá to àpapọ̀ láti orí èyí tó kéré jù lọ sí èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ tó kọ fọ́múlà aláìní-dọ́là yẹn, gbogbo ipò ló máa tọ́! Ìdí ni pé gbogbo ẹni tó ju ọmọ kan lọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá tò ó láti orí èyí tó pọ̀ jù, gbogbo wọn ló máa di ẹni-kìíní, ẹ ó sì rí i lójú ẹsẹ̀. Títò ní orúkọ ló wà láàárín méjèèjì: díẹ̀ tọ́, díẹ̀ kò tọ́, ojú sì ń gbà á bí ohun gidi.

Baba_Dọ́là:
Ẹ̀yin ará, ẹ má da ara yín láàmú. Dọ́là síbí, dọ́là sọ́hùn-ún, ó tán. Èmi ò kí ń ronú lórí ẹ̀, gbogbo réńjì tí mo bá kọ, mo ti de gbogbo rẹ̀ pa: `$H$2:$H$7`. Láti ọdún mélòó kan báyìí, kò sí ohun tó ṣe mí.

Ìyá_Méjì:
Ẹ má bínú, Bàbá, ó ṣe èmi. Ipò nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní kí n gbé jáde, Ìṣirò wà ní B, Gẹ̀ẹ́sì ní C, wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé G. Mo kọ ti Ìṣirò sí K2 pẹ̀lú `$B$2:$B$7`, mo fà á wálẹ̀, ó dára gan-an. Mo wá fà gbogbo rẹ̀ sápá ọ̀tún kó lè ṣe àwọn iṣẹ́ yòókù. Ibi kan yọ `#N/A`, ibi kan gbé nọ́ńbà jáde. Ọmọ tó gba 71 nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tó jù ú lọ níbẹ̀, ó pè é ní ẹni-kejì. Mo wá lo `IFERROR` láti fi pa `#N/A` yẹn rẹ́ nítorí ó ń dójú tini lórí káàdì.

ÀǹtíOníṣíìtì:
Yéè, ìyá wa! Ẹ yọ `IFERROR` yẹn kúrò kíákíá, ẹní lẹ tẹ́ bo ihò yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Fọ́múlà tó dé L2 yóò kà báyìí:

```
=RANK(C2,$B$2:$B$7)
```

Máàkì Gẹ̀ẹ́sì ló gbé, àárín máàkì Ìṣirò ló wá a lọ. RANK kì í fún nọ́ńbà tí kò bá sí nínú réńjì ní ipò, `#N/A` ló máa fi dáhùn. Ṣùgbọ́n 71 wà nínú Ìṣirò lóòótọ́, ọmọ mìíràn ló gbà á níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì jù ú lọ. Òun ló ṣe pè é ní kejì. `#N/A` ni olóòótọ́ nínú wọn. Nọ́ńbà tó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ yẹn ló ń parọ́, ẹ wá pa olóòótọ́ lẹ́nu mọ́.

Dọ́là méjì ló wà, iṣẹ́ wọn kò sì jọ ara wọn. Èyí tó ṣáájú lẹ́tà ń de kọ́lọ́ọ̀mù, èyí tó ṣáájú nọ́ńbà ń de ìlà. Fún iṣẹ́ yín, ìlà ló yẹ kó dúró, kọ́lọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ máa rìn:

```
=RANK(B2,B$2:B$7)
```

Ẹ kọ èyí sí K2, ẹ fà á wálẹ̀, ẹ fà á sápá ọ̀tún, ó máa di C$2:C$7 ní L, D$2:D$7 ní M. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi máósì yan B2:B7 nínú fọ́múlà, kí ẹ tẹ F4. Ẹ̀ẹ̀kan yóò fi dọ́là sí gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì yóò kù sí ìlà nìkan, ẹ̀ẹ̀kẹta yóò kù sí lẹ́tà nìkan, ẹ̀ẹ̀kẹrin yóò padà sí bó ṣe wà. Láptọ́ọ̀pù mìíràn máa ń fẹ́ kí ẹ di Fn mú pẹ̀lú rẹ̀.

Bàbá, ẹ kò ṣìnà fún kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Ìgbà tí ẹ bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni yóò dè yín.

Baba_Dọ́là:
Ó dáa, mo gbà. Èmi kì í fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ọ́. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dá mi lójú.

Ọ̀dọ́_Oníṣirò:
Kí ló dé tí a kò kúkú gbé gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù? `=RANK(H2,H:H)`. Kò nílò dọ́là, tí ẹ bá fà á wálẹ̀ H:H ni yóò ṣì jẹ́. Ọmọ tuntun dé, kò sí wàhálà.

TíṣàKíláàsìKarùn-ún:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú ti Ọ̀dọ́_Oníṣirò lórí ọmọ mẹ́fà mi. Ó ń jọ pé ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó kéré jù ló ṣe "7". Mẹ́fà ni wọ́n!

```
412    4
455    1
398    6
431    2
376    7
405    5
```

ÀǹtíOníṣíìtì:
Kí ló wà ní H8?

TíṣàKíláàsìKarùn-ún:
Ìpíndọ́gba kíláàsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀. 412.83. … Ó ti ka ìpíndọ́gba mọ́ ọmọ.

ÀǹtíOníṣíìtì:
Ó ti ka "ọmọ" keje tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìpíndọ́gba, ó sì fún un ní ipò kẹta. Ẹ wò ó dáadáa: 455 àti 431 wà lókè ìpíndọ́gba, ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló sún sẹ́yìn ní ẹyọ kan, títí kan 412 tí ìpíndọ́gba kò tilẹ̀ fi odidi máàkì kan jù lọ. Èyí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ ń fún ọmọ ní ipò tí kò tọ́ sí i, èyí ń gba ipò lọ́wọ́ àwọn tó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lórí ọmọ 38, ẹ kò ní tètè rí i, nítorí ta ló máa ń ka ipò 38 wò bóyá ó ti di 39?

Ọ̀dọ́, H:H ṣeé lò tí kọ́lọ́ọ̀mù náà kò bá ní nǹkan mìíràn nínú ju àpapọ̀ àwọn ọmọ lọ, àti àkọlé tó jẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ kó ìpíndọ́gba lọ sí ṣíìtì mìíràn, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tó bá lo ṣíìtì yẹn lẹ́yìn yín, ìsàlẹ̀ gan-an ló máa fẹ́ fi ìpíndọ́gba sí.

Ọ̀dọ́_Oníṣirò:
Mo ti gbọ́, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun mìíràn san án. Ipò ọmọ mẹ́fà ni 1, 2, 3, 4, 5, 6, àròpọ̀ wọn jẹ́ 21. Fún ọmọ 38, ẹ sọ 38 di ìlọ́po 39, ẹ pín in sí méjì, ẹ ó rí 741. Ẹ fi `=SUM(I2:I7)` sí ibì kan. Tí kò bá jẹ́ 21, àṣìṣe wà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 11, ti ìpíndọ́gba jẹ́ 25. Méjèèjì la mú!

Akọ̀wéÌdánwò:
Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Mo ṣe é báyìí lórí èsì ọmọ 40 kan, 818 ló fún mi dípò 820. Mo ti fọwọ́ yẹ gbogbo fọ́múlà wò, dọ́là pé, réńjì pé. Kí ni mo tún ń wá?

ÀǹtíOníṣíìtì:
Ẹ kò ní wá nǹkan kan. Ẹ wo máàkì tó dọ́gba. Tí ọmọ méjì bá jọ wà ní ipò kẹta, RANK yóò fún àwọn méjèèjì ní 3, ẹni tó tẹ̀ lé wọn yóò jẹ́ 5. 3 àti 3 jẹ́ 6, 3 àti 4 ìbá jẹ́ 7, ẹyọ kan ti sọnù níbẹ̀. Ìdọ́gba ẹni méjì kọ̀ọ̀kan ń yọ ẹyọ kan, ti ẹni mẹ́ta ń yọ mẹ́ta. Tiyín dín ní 2, ìdọ́gba méjì-méjì níbi méjì ló ṣeé ṣe kó jẹ́.

Ìdánwò Ọ̀dọ́ dára, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ nìkan ló lágbára. Tí àròpọ̀ bá JU iye tó yẹ lọ, àṣìṣe ni, kò sí àríyànjiyàn, ìdọ́gba kò lè fi kún un. Tí ó bá dín, ẹ ṣàyẹ̀wò ìdọ́gba kí ẹ tó pariwo. Tí ẹ bá fẹ́ kó bá iye náà mu gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo, ẹ lo `RANK.AVG` sí kọ́lọ́ọ̀mù àyẹ̀wò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun máa ń fún àwọn méjì tó dọ́gba ní ipò kẹta ní 3.5 àti 3.5. Ẹ má tẹ 3.5 sórí káàdì ọmọ o.

Akọ̀wéÌdánwò:
Ibi méjì ló rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, 9 àti 9, 22 àti 22. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ní tiwa, àwọn kan ní lẹ́yìn 9 àti 9, ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ 10, kì í ṣe 11. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí láàárín àwa tíṣà.

Baba_Dọ́là:
11 ni. Ẹni mẹ́wàá ló ṣáájú rẹ̀.

Ìyá_Méjì:
10 ni, Bàbá. Kí ni ẹ fẹ́ sọ fún ọmọ tó bá béèrè pé ta ló gba ipò kẹwàá?

TíṣàKíláàsìKarùn-ún:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Mo ní ìbéèrè mìíràn. Mo ti fi `H$2:H$7` sí i, ó ti dára. Àmọ́ ọmọ kan darapọ̀ mọ́ wa lẹ́yìn tí mo ti ṣe tán. Mo kọ ọ́ sí ìlà 8, lẹ́yìn tí mo sún ìpíndọ́gba sísàlẹ̀. Ó gba 398. Mo fa fọ́múlà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní karùn-ún, kò sí `#N/A` kankan. Ṣé ó ti tọ́ nìyẹn?

ÀǹtíOníṣíìtì:
Ipò tirẹ̀ tọ́, ti ẹlòmíràn ni kò tọ́. Réńjì yín ṣì dúró sí ìlà 7. Oríire ọmọ tuntun yìí ni pé ẹni mìíràn ti gba 398 ṣáájú, ni RANK fi rí 398 nínú réńjì tó sì fún un ní 5. Ká ní 420 ló gbà, `#N/A` ni ẹ ì bá rí, ẹ ì bá sì fura. Ṣùgbọ́n ẹ wo 376: ẹni mẹ́fà ló wà lókè rẹ̀ báyìí, keje ló yẹ kó jẹ́. Kẹfà ló ṣì wà níbẹ̀ nítorí pé kò rí ẹni tuntun.

Èyí ni mo máa ń ṣe. Mo máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ lófo lábẹ́ ọmọ ìkẹ́yìn, máa fi àwọ̀ eérú kùn ún, máa sì ká a mọ́ réńjì. Fún ọmọ mẹ́fà, ìlà 8 ni òfo, réńjì jẹ́ `H$2:H$8`, ìpíndọ́gba wà ní ìlà 10. RANK àti AVERAGE kì í ka sẹ́ẹ̀lì òfo. Nígbà tí ọmọ tuntun bá dé, mo máa tẹ orí ìlà eérú yẹn, mo máa ní kó fi ìlà tuntun sí òkè rẹ̀. Nítorí pé àárín réńjì ni ìlà tuntun wọlé sí, Excel fúnra rẹ̀ ló máa sọ réńjì di `H$2:H$9`. Ohun tí ẹ bá fi sí òpin réńjì, lóde, kì í wọlé, ohun tí ẹ bá fi sí àárín ló ń wọlé.

Àmọ́ ẹ má ṣe fa fọ́múlà àpapọ̀ wọ inú ìlà eérú yẹn. SUM ibi tí kò sí máàkì jẹ́ 0, 0 kì í sì í ṣe òfo. Ipò àwọn ọmọ kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba yóò já wálẹ̀.

AláfẹnuSíi:
Gbogbo wàhálà dọ́là yìí, kí ló dé tí ẹ kò lo Table? Ẹ yan àwọn máàkì yín, ẹ tẹ Ctrl àti T, ẹ wá kọ orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù dípò H2. Ọmọ tuntun bá dé, ẹ kàn kọ ọ́ sábẹ́, ó gbà á.

```
=RANK([@Àpapọ̀],[Àpapọ̀])
```

ÀǹtíOníṣíìtì:
Mo fọwọ́ sí i fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ibi tí mo ti ń rí ìṣòro ni pé ṣíìtì ilé-ìwé kì í dúró lọ́wọ́ ẹnì kan. Tíṣà méje ló máa fọwọ́ kàn án, méjì nínú wọn lórí fóònù. Ẹlòmíràn á kó máàkì lọ síbòmíràn, Table á sì di réńjì lásán. Pẹ̀lú ìyẹn, tí ẹ bá FA fọ́múlà Table sẹ́gbẹ̀ẹ́, orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù yóò máa rìn. Tí ẹ bá kọ́pì rẹ̀ kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́, kì í rìn. Ọ̀pọ̀ kò mọ ìyàtọ̀ yẹn.

AláfẹnuSíi:
Ẹ̀rù ohun tuntun ló ń bà yín, Àǹtí 😄. Mo ṣì dúró lórí Table.

Tíṣà_Fóònù:
Ẹ kú ìjókòó o. Tèmi kì í ṣe ti ipò. Àpapọ̀ gan-an ni kò pé. Ọmọ kan gba 70, 65, 58, 80, 61, 74. Mo rò ó, 408. Ṣíìtì ní 343. Réńjì tọ́, B2 dé G2, mo ti wò ó.

Baba_Dọ́là:
Ẹ fi dọ́là sí i.

ÀǹtíOníṣíìtì:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ 😂. 408 yọ 343 jẹ́ 65. Máàkì 65 yẹn ni SUM kò kà. Ẹ wò ó bóyá apá òsì sẹ́ẹ̀lì ló dúró sí nígbà tí àwọn yòókù wà lápá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ni Excel kà á sí, bóyá wọ́n lẹ̀ ẹ́ láti ibòmíràn ni, tàbí àmì `'` tàbí àyè òfo wà nínú rẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fọwọ́ tẹ 65.

Kí ẹ má baà máa fojú wá a, ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ àpapọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan:

```
=COUNT(B2:G2)
```

COUNT kì í ka ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mẹ́fà ló wà, 6 ni gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ fi hàn. Ẹni tó bá fi 5 hàn, máàkì kan jẹ́ ọ̀rọ̀, tàbí ọmọ kò ṣe ìdánwò ọ̀hún. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín o, ẹ má kọ́pì réńjì SUM wọ inú rẹ̀. Tí SUM bá gbàgbé kọ́lọ́ọ̀mù kan, tí ẹ sì kó réńjì kan náà fún COUNT, àwọn méjèèjì yóò jọ gbàgbé rẹ̀. 5 yóò jáde, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìlà, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ márùn-ún ló wà.

Tíṣà_Fóònù:
Àyè òfo ló wà lẹ́yìn 65. Mi ò bá má mọ̀ títí ayé. Orí fóònù ni mo wà, kò sí F2 tàbí F4 fún mi. Báwo ni èmi ṣe máa rí réńjì gbogbo ìlà?

ÀǹtíOníṣíìtì:
Ẹ fọwọ́ tẹ àmì `$` fúnra yín. Láti rí i, ẹ kọ èyí sí kọ́lọ́ọ̀mù kan tó ṣófo, kí ẹ fà á wálẹ̀:

```
=FORMULATEXT(I2)
```

Yóò kọ fọ́múlà ọmọ kọ̀ọ̀kan síta bí ọ̀rọ̀. Ẹ kàn fojú tọ apá réńjì lọ sísàlẹ̀: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun kan náà ní gbogbo ìlà. Tí nọ́ńbà bá ń gòkè bí àtẹ̀gùn, dọ́là kò sí. Ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà lè tẹ Ctrl pẹ̀lú àmì ` tó wà lábẹ́ Esc, gbogbo ṣíìtì yóò ṣí fọ́múlà rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá tún un tẹ̀, yóò padà.

Ìyá_Méjì:
Ṣé àmì kékeré aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ ní igun sẹ́ẹ̀lì kò tó láti kìlọ̀? Òun ni mo máa ń wò. Tí kò bá sí, mo gbà pé ó dára.

ÀǹtíOníṣíìtì:
Má gbára lé e, ìyá wa. Ọ̀kan nínú ohun tó máa ń mú un yọ ni kí fọ́múlà sẹ́ẹ̀lì kan yàtọ̀ sí ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Réńjì tó ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò lójú Excel. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ "láti ọ̀dọ̀ mi, mẹ́fà lọ sísàlẹ̀," ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan. Àṣìṣe tí gbogbo ìlà jọ ṣe kì í jọ àṣìṣe.

TíṣàKíláàsìKarùn-ún:
Mo padà dé. Mo ti ṣe ti ọmọ 38 náà, àròpọ̀ ipò jẹ́ 739, ìdọ́gba méjì wà níbẹ̀, ẹni tó kéré jù wà ní 38. Ó ti dára.

Ṣùgbọ́n mo lọ ṣí ṣíìtì sáà tó kọjá. Fọ́múlà kan náà ni mo fà, kò sí dọ́là kankan. Àròpọ̀ ipò 369 dípò 741. Àwọn káàdì yẹn ti wà nílé àwọn òbí. Ọmọ kan tó jẹ́ ẹni-kejì lórí káàdì, ipò kẹtàlélógún ló wà ní tòótọ́. Wọ́n ti ra ẹ̀bùn fún un. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?

Akọ̀wéÌdánwò:
Ẹ mú un tọ ọ̀gá yín lọ kí ẹlòmíràn tó rí i. Máàkì kò yí padà, ipò nìkan ni. Ẹ tẹ káàdì tuntun.

Ìyá_Méjì:
Ẹ má gba káàdì ọmọdé padà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ẹ tún ti ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tó wà nílé wà nílé.

ÀǹtíOníṣíìtì:
Mi ò bá yín dá sí ti ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ ṣe ẹ̀dà ṣíìtì sáà tó kọjá, ẹ má fọwọ́ kan ti tẹ́lẹ̀. Nínú ẹ̀dà náà, ẹ fi ipò tuntun sí J lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì ní kọ́lọ́ọ̀mù K. Tí dọ́là nìkan bá ni àṣìṣe, kò ní sí ọmọ kan tí ipò tuntun rẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ. Tí ẹ bá rí ẹyọ kan péré tí ipò rẹ̀ gòkè, nǹkan mìíràn tún wà nínú ṣíìtì yẹn, ẹ má tíì tẹ káàdì kankan.

TíṣàKíláàsìKarùn-ún:
Mo ṣe é. Ẹni méjì ni ipò wọn gòkè. Mo ń lọ wo máàkì wọn báyìí, bóyá èyí tó wà lápá òsì sẹ́ẹ̀lì ni.